Ìkéde Òkú Tí Afọ́jú Kò Lè Gbọ́

Ìwà kan wà tí a ń hù lórí Fésíbúùkù tí kò yẹ ọmọlúwàbí. Bí àgbà kan bá papòdà, a ó kó orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú àti gbọ̀ngàn sínú àwòrán kan ṣoṣo, a ó sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀.

Àpèjúwe tí a bá kọ mọ́ àwòrán ni ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù fún afọ́jú máa ń kà. Bí a kò bá kọ ọ́, Fésíbúùkù a fi tirẹ̀ dí i, iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2016. Ohun tí ẹ̀rọ náà sì máa ń sọ nígbà mìíràn ni "May be an image of 1 person and text". Ẹnì kan àti ọ̀rọ̀! Bàbá tí gílákómà ti gba ojú rẹ̀ a gbọ́ ìyẹn, a sì kọjá lọ, láìmọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló kú.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru ẹni tó ya àwòrán náà. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kí a tún un tẹ̀ sábẹ́ àwòrán, tàbí sínú àyè "Alternative text". Nọ́ńbà báńkì tí a ó san owó aṣọ ẹbí sí, ẹ̀wẹ̀, àwa kan náà kì í fi í sínú àwòrán nìkan. A máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kọ.