Lẹ́tà Èkó Kì í Pín Ogún

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Tùríìnì, Pádúà àti Míláànù, lónìí, ọ̀rọ̀ ogún ni. Tí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tó sì ní ọmọ níbí, tó tún ní nílé, báwo la ṣe máa ṣe ilé tó kọ́ sí Èkó?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ló ṣe fún àwọn méjèèjì. Ìyá tó wà ní Tùríìnì bí ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 18. Èyí tó wà ní Ìkòròdú bí mẹ́ta.

Owó tó wà ní báńkì Tùríìnì, òfin Ítálì ló máa bá a lọ, níbẹ̀ sì rèé, gbogbo ọmọ ló dọ́gba. Àmọ́ ilé ẹjọ́ Èkó kì í fi òfin Ítálì pín ilé Èkó. Ẹbí gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà ìṣàkóso ogún ní ẹ̀ka tó ń rí sí ogún olóògbé ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó. Wọ́n á mú ìwé ẹ̀rí ikú wá (ti Ítálì, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì), wọ́n á ka dúkìá sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí ogún, wọ́n á sì dárúkọ àwọn alábòójútó, tí kì í ju mẹ́rin lọ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lè kọ ọmọ mẹ́ta, kí wọ́n fo ẹni kẹrin. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti máa ń kéde ìbéèrè náà, ta ló sì máa rí i ní Tùríìnì? Torí náà, ẹ rán ẹni tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lọ wo àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Tí orúkọ ọmọ yín ò bá sí, kó fi ìwé àtakò sílẹ̀ kí lẹ́tà náà tó jáde.

Tí lẹ́tà bá wá jáde ńkọ́? Kò tíì pín nǹkan kan o. Ó kàn fún àwọn alábòójútó lágbára láti kó dúkìá jọ, kí wọ́n san gbèsè, kí wọ́n tó pín in. Ilé ò di tiwọn.

Pínpín wá kù. Sùbérù Dáwódù ti Èkó náà ò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀. Ẹjọ́ wọn dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìdájọ́ náà ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá: iye ìyá tó bímọ la fi ń pín in. Tí àríyànjiyàn bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí, kí wọ́n pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdí-igi á fún ọmọ Tùríìnì ní ìdajì ilé, àwọn mẹ́ta yòókù á pín ìdajì kejì. Orí-ò-jorí á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin. Ẹ rí i pé ọ̀nà tí wọ́n bá yàn ló máa sọ iye tó kan ọmọ yín. Nítorí náà, kí ẹnì kan láti ìdí ìyá Tùríìnì wà lára àwọn alábòójútó látìbẹ̀rẹ̀.