Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Kọ̀ǹpútà Dìde Dúró

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ó tó gẹ́ẹ́ kí a máa ka àpilẹ̀kọ gígùn lójú kọ̀ǹpútà tó sùn gbalaja. Èyí tí mo ń lò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 53, ó ga ní 30. Bébà tí a ń tẹ iṣẹ́ wa sí ga tó 29.7. Bí a bá yọ àyè tí àwọn bọ́tìnì òkè gbà, odindi ojú ìwé kò lè hàn láìsúnkì. Àmì abẹ́ lẹ́tà á wá pòórá mọ́ wa lójú, a ó sì máa pe ọ̀lẹ ní olè!

Bí a bá yí i dúró, ojú ìwé kan yóò kún ìbú rẹ̀, lẹ́tà yóò sì tóbi tó ìlọ́po 1.4 ti orí bébà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí igun rẹ̀ má baà gbá tábìlì bí ẹ bá ń yí i. Lórí Wíńdóòsì, ẹ ṣí Settings, System, Display, kí ẹ yan Portrait níbi Display orientation.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á o. Ẹ kọ́kọ́ dìde lórí ìjókòó. Bí àwọ̀ bá ń yí pa dà bí orí yín ti ń ròkè, ẹ má yí i, nítorí ohun tí ojú ọ̀tún yóò rí kò ní bá ti òsì mu.