Ta Ni Yóò Lọ Sanwó?

Ọ̀pọ̀ ímeèlì tí àwọn oníṣòwò ń kọ nípa ẹrù wọn ní èbúté Tema ló máa ń parí báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, kí a tètè rí sí i." Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n já kọ̀ǹténà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ká ní ọjọ́ méje ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún un. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó ìdádúró yóò máa gorí ara wọn lójoojúmọ́, èbúté náà yóò sì máa gba owó ààyè tirẹ̀. Ìwé àṣẹ ìgbẹrù ló kù láti gbà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í sì í fún ni bí a kò bá tíì san owó wọn. Ìyá yìí kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà sí ajẹ́ńtì rẹ̀, sí Àmá tó ń tọ́jú owó ìsọ̀, àti sí awakọ̀. Gbogbo wọn ló dáhùn pé, "A ti rí i." Ajẹ́ńtì rò pé Àmá ti sanwó. Àmá rò pé iṣẹ́ ajẹ́ńtì ni. Awakọ̀ ń retí àwọn méjèèjì. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹnikẹ́ni kò tíì lọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ọdún 2002, Greg Barron àti Eldad Yechiam gbé ìwádìí kan jáde lórí ímeèlì tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè kékeré kan. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan dáhùn ju àwọn tó rí orúkọ ẹlòmíràn mọ́ tiwọn lọ, ìdáhùn wọn sì wúlò jù.

Báyìí ló yẹ kí ìyá náà parí ímeèlì rẹ̀:

"Àmá, jọ̀wọ́ san owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí o sì fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ sí gbogbo wa kí aago méjì ọ̀sán tó lù."

Orúkọ Àmá nìkan ni yóò wà níwájú To. Àwọn yòókù á wà ní Cc.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe ajẹ́ńtì, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń gba ìwé? Ọwọ́ Àmá ni owó wà. Bí a bá dárúkọ ajẹ́ńtì, yóò kàn jókòó retí owó ni. Ohun tí kò sí nǹkan mìíràn tó dí i lọ́wọ́ ni kí a fi parí ímeèlì. Bí rìsíìtì bá ti dé, kí ìyá tún kọ òmíràn, kí ó dárúkọ ajẹ́ńtì àti ọjọ́ tí yóò gba ìwé àṣẹ.

Bí ìdáhùn tó wọlé bá jẹ́ "a ti rí i" tàbí "ta ló ń lọ?", ìlà ìparí ímeèlì náà kò tíì yé wọn. Kí ẹ tún un kọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.