Bí Wọ́n Bá Wó Ṣọ́ọ̀bù Wa, Níbo Ni Oníbàárà Ti Máa Rí Wa?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n búra fún Gómìnà Abba Kabir Yusuf, katapílà ìjọba Kánò bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ní wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ gbogboogbò. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà létí Yídì wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wó o, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń tú irin àti ẹrù kó lọ nínú àwókù. A ò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ níbí. Ohun tó kàn wá ni pé àwa tá a ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀ lè bá irú ẹ̀ pàdé nígbàkígbà, tí ṣọ́ọ̀bù bá sì lọ, ṣé oníbàárà náà á lọ ni?

Ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe ni ká fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé a ti kó, ká sì kọ nọ́ńbà fóònù sí i. Ìyẹn dáa tó bá jẹ́ pé láńlọ́ọ̀dù ló fowó kún owó ilé, torí ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí katapílà bá dé, ilẹ̀kùn àti ohun tá a kọ sí i ló jọ ń lọ. Torí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ni ìkéde gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa wó o.

Ẹ jẹ́ ká fi télọ̀ kan ní Sábó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní aṣọ ogójì èèyàn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́kọ́ máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá mú aṣọ wọn tàbí kí wọ́n mọ ibi tó ń kó o lọ. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sínú ìwé, torí fóònù lè sọnù nínú rògbòdìyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa pe àwọn tó jẹ ẹ́ lówó àtàwọn tó ti san àsansílẹ̀.

Àwọn tó ṣòro jù làwọn tó kàn máa ń yà tí wọ́n bá ń kọjá, torí kò ní nọ́ńbà wọn. Àwọn ará àdúgbò ló máa bá a sọ fún wọn: ẹni tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní páàkì, àti ẹni tó ń ta omi. Kó fún wọn ní pépà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́, kó sì ki wọ́n dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. A ó kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ìpàdé ẹgbẹ́, àwa-ara-wa nìkan ló sì máa gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé Hausa ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa. Èdè Hausa ni kó kọ́kọ́ wà lórí pépà náà, kí Yorùbá tẹ̀ lé e.

Kí ló máa wà nínú ẹ̀? Ẹ júwe ibi tí oníkẹ̀kẹ́ mọ̀, ẹ fi nọ́ńbà ilé sílẹ̀: “Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ ti kó lọ sẹ́yìn ilé epo, ilẹ̀kùn búlúù kejì. A ó ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.” Kí nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ má dárúkọ ibi tuntun o, títí kọ́kọ́rọ́ àti rìsíìtì fi máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tẹ́ ẹ rán lọ síbi tí kò sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan kì í sábà wá lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ò bá tíì ríbi, nọ́ńbà fóònù nìkan ni kẹ́ ẹ kọ.

Nọ́ńbà yẹn pàápàá nílò ìtọ́jú. Lábẹ́ òfin àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, laìnì tí wọn ò lò fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè gbé kúrò. Tó bá tún di oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè fún ẹlòmíì. Oníbàárà tó bá wá a lẹ́yìn ìgbà yẹn, àjèjì ló máa gbé e, ó sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ máa fi laìnì àtijọ́ pe èèyàn lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníbàárà pé kó gbọ́ ohùn yín kó tó fowó ránṣẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ fẹ́ padà sí, tẹ́ ẹ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa pátápátá, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ dá àsansílẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó lè bá wọn ṣe iṣẹ́ tó kù. Ẹni tó bá sá lọ pẹ̀lú aṣọ àti owó èèyàn, Yorùbá tó kù ládùúgbò ni wọ́n máa bi, òun náà sì ni wọn ò ní fẹ́ tà láwìn fún mọ́.