Tí Owó Ò Bá Tó, Ẹ Dín Gíga Sítáńdì Tàǹkì Yín Kù, Ẹ Má Yọ Bírésì

Ọ̀rọ̀ sítáńdì irin tí à ń gbé tàǹkì omi lé ni mo mú wá lónìí, nítorí ohun tí mo rí lóko adìẹ kan lọ́nà Ìséyìn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá tó ni oko náà gbé tàǹkì rọ́bà 2000 lítà sórí sítáńdì tó ga ní mítà 4. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, irin áńgù ínṣì méjì, tó nípọn dáadáa. Wẹ́dà fi irin dábùú yí i ká lókè, ó tún fi yí i ká láàárín, ó ní iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ri ẹsẹ̀ irin náà mọ́lẹ̀, wọ́n da kọnkéré díẹ̀ yí i ká. Tàǹkì kún lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ẹsẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ sì mì lókè bí igi ìbẹ́pẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gba atẹ́gùn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú omi yìí sílẹ̀ lónìí." Wọ́n ní, "Àgíríkì, irin yẹn nípọn o, owó gidi ni mo ná sí i."

Òótọ́ ni, wọ́n náwó. Ibi tí kò yẹ ni wọ́n ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹrù náà. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Tàǹkì 2000 lítà tó kún jẹ́ kílò 2000, ìyẹn 40 àpò sìmẹ́ǹtì. Tí a bá pín in sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, àpò mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ìnira tó ń bọ̀ tààrà láti òkè kì í sábà da sítáńdì wó. Ohun tó ń dà á wó ni mímì sí ẹ̀gbẹ́. Bí òkè bá ti yẹ̀ díẹ̀, 40 àpò yẹn kò dúró sórí ẹsẹ̀ mọ́, ó ti ń fa ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bó bá sì ṣe ń yẹ̀ sí i ló ń fà á sí i.

Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù fèrèsé, kí ẹ wá ti igun kan. Á wó sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kan igi karùn-ún láti igun kan lọ sí igun kejì, kí ẹ tún tì í. Kò ní mira. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà fi ń kan igi kan dábùú ìlẹ̀kùn ilé adìẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Irin igun-dé-igun yìí gan-an ni bírésì. Irin dábùú tó kàn yí sítáńdì ká kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Ẹ wo iye tó máa jẹ́. Ká sọ pé sítáńdì yín ga ní mítà 3, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, irin dábùú sì pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì, mítà kan àbọ̀ lókè, mítà kan àbọ̀ nísàlẹ̀. Láti igun dé igun máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Tí ẹ bá fi méjì kọjá ara wọn bí X ní ibi kọ̀ọ̀kan, irin 16 ni gbogbo rẹ̀. Odidi irin kan jẹ́ mítà 6, ó máa fún yín ní mẹ́ta, nítorí náà odidi mẹ́fà áńgù ínṣì kan àbọ̀ ti tó. Kí wẹ́dà jó ibi tí méjèèjì ti pàdé láàárín X náà mọ́ra, nítorí irin gígùn tí kò nípọn máa ń tẹ̀ láàárín.

Odidi mẹ́fà yìí ni àwọn èèyàn ń yọ kí owó lè dín. Èmi ò gbà. Tí owó ò bá tó, ẹ gé gíga rẹ̀ kù. Mítà 3 tó láti gbé omi dé ibi ìmumi adìẹ tó wà nítòsí, ó sì tó láti fi bu omi sínú adágún ẹja. Ẹni tó ń lọ sí mítà 6 nítorí kí omi lè yára jáde, kó lọ wo páìpù rẹ̀ ná. Páìpù tóóró ló ń dá omi dúró lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ku abẹ́ ẹsẹ̀. Ẹnu irin áńgù kéré gan-an. Tí ẹ bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lé e, á wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi àdá gún ilẹ̀, pàápàá lóko àkùrọ̀. Ẹsẹ̀ kan máa wọlẹ̀ ju èyí tó kù lọ, sítáńdì á sì yẹ̀. Èyí tí wọ́n sì rì mọ́lẹ̀, ibi tí irin ti jáde nínú ilẹ̀ ló ti ń dípẹtà. Nígbà tí a gbẹ́ ti bàbá yẹn, òòlù kékeré la fi lu ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ tó fi lu.

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó pléètì irin sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 20 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó nípọn ní mìlímítà 10, pẹ̀lú ihò mẹ́rin. Ẹ gbẹ́ ihò ilẹ̀ tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, ní gígùn àti ní jíjìn. Ẹ da kọnkéré sí i, sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kí ojú rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ díẹ̀ kí omi má bàa dúró lára irin. Kọnkéré kọ̀ọ̀kan máa wúwo tó 500 kílò, òun ló ń di sítáńdì mú nígbà tí ìjì bá dé bá tàǹkì lófìfo. Tàǹkì òfìfo ni ìjì ń gbé, kì í ṣe èyí tó kún.

Inú kọnkéré tútù yẹn ni bóòtù ti ń wọlé, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́: wọ́n á ki bóòtù bọ̀ ọ́ lójú lásán, tó bá gbẹ tán, kò ní bá ihò pléètì mu, wẹ́dà á wá fi iná fẹ ihò náà títí á fi ya gbàgà. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin sára pákó kan bíi ti pléètì, kí ẹ fi pákó yẹn di bóòtù mú títí kọnkéré á fi le. Ẹ máa bu omi lé e fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kí ẹ tó gbé sítáńdì lé e.

A tú omi bàbá yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tó ti jẹ dànù, sítáńdì wá di mítà 3, wọ́n jó bírésì àti pléètì sí i, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún kí wọ́n tó kun èyí tó kù. Kí wọ́n tó gbé e padà, mo ní kí wọ́n tẹ́ pákó sókè rẹ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀, nítorí abẹ́ tàǹkì rọ́bà máa ń rì sáàárín irin, a sì máa là.

Ìlàjì omi la kọ́kọ́ bù sí i. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi kọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí òkúta náà dúró sí lórí kọnkéré. Lọ́jọ́ kejì, òkúta ṣì wà lórí àmì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a wá bù ú kún. Bàbá fúnra wọn ló lọ ti ẹsẹ̀ náà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n lò. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Àgíríkì, mo ti lè jẹ́ kí àwọn ọmọ padà sábẹ́ rẹ̀ báyìí?" Mo ní rárá o, kí wọ́n wá ibòmíì jókòó.