Kí Ni Ẹni Tó Ń Wá Gàrí Yín Máa Tẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ọjà inú fóònù ni.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa ń yan gàrí. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ọmọ òun ya fídíò òun nídìí agbada, wọ́n sì gbé e sórí TikTok. Fídíò náà dára. Ẹ̀ ń rí iná, ẹ̀ ń gbọ́ bí gàrí gbígbẹ ṣe ń dún. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

```
Merci Seigneur #pourtoi #viral
```

Àwọn ará àdúgbò wò ó, wọ́n kí i, ó parí síbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan tó ń tajà ní Parakou sọ fún mi pé òun wá gàrí sohoui lórí TikTok títí, òun ò rí ti Bantè kankan. Ọjà wà, olùrà wà, wọn ò pàdé ara wọn.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló kórìíra wa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwa ń kọ ohun tó wà lọ́kàn tiwa, a kì í kọ ohun tí ẹni tó ń wá wa máa tẹ̀. Olùrà tó ń wá gàrí kò ní tẹ̀ «Merci Seigneur» láéláé. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o, àmọ́ ẹ dárúkọ ọjà yín pẹ̀lú.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ kò lè tọ́ gàrí wò. Tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ síbi ìwákiri, níbi tí àwòrán gíláàsì onírù wà, ẹ̀rọ á wo ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ fídíò, á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ní àmì # níwájú, ó sì tún lè ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú fídíò fúnra rẹ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu náà, tó bá jẹ́ èdè tó mọ̀. Faransé, ó gbọ́ ọ. Èdè Ìṣà tiwa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ fẹnu sọ fi gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú fídíò. Kí orúkọ ọjà àti ìlú hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó tó fi ìka ré e kọjá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹ kọ ọ́ sí òkè tàbí àárín. Tí ẹ bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àwọn bọ́tìnnì TikTok àti ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò á bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ síbi ìwákiri, ẹ tẹ «gari», kí ẹ dúró. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn á yọ sísàlẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń wá gan-an nìyẹn, ẹ mú èyí tó bá ọjà yín mu nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé olùrà ní Cotonou lè tẹ̀ ẹ́ ní Faransé, Fọ̀n lè tẹ «gali», ará wa á tẹ «gari» láìfi àmì ohùn kankan sí i. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo fẹ́ràn àmì ohùn, àmọ́ lórí fóònù, bí olùrà ṣe ń kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Fídíò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì rèé:

```
Ojú fídíò: Gari sohoui bien sec - Bantè
Abẹ́ fídíò: Gari sohoui bien sec, fait à Bantè.
Vente en gros et en détail. Gari gbigbe lati Bante.
#gari #garisohoui #bante #benin229
```

Ẹ wò ó bó ṣe kọ ìlú náà lọ́nà méjì, Bantè àti Bante. Ní ti àmì #, ọ̀gbẹ́ni Chris Messina ló dábàá rẹ̀ lórí Twitter lọ́dún 2007, kí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ohun kan náà lè kó jọ sójú kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà dìde sí àwọn ọlọ́pàá SARS, #EndSARS ni gbogbo wọn kọ. Ká ní kálukú kọ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ohùn wọn ì bá fọ́n ká. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ obìnrin alágàrí jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀nà ìkọ̀wé kan. Kò sí àlàfo nínú rẹ̀: tí ẹ bá kọ «#gari sohoui», «gari» nìkan ni àmì náà mú. Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ní ti #viral àti #pourtoi, gbogbo ayé ló ń kọ ọ́, kò sì sọ ohun tí ẹ ń tà fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù rèé. Tí gàrí yín kì í bá ṣe sohoui, tí kò kúnná, tí kò gbẹ dáadáa, ẹ má kọ sohoui. Ibi tí ẹ ti yan án ni kí ẹ kọ. Mo mọ̀ pé orúkọ Savalou ń tà, àmọ́ olùrà tó bá dé tó bá nǹkan mìíràn kò ní padà wá, á sì bá gbogbo wa lórúkọ jẹ́. Bákan náà ni fídíò egbòogi: ẹni tó bá kọ orúkọ àrùn kan sábẹ́ àgbo kó lè tà, aláìsàn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lóru ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n ọjà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún iye owó. Wọ́n lè rí fídíò tí wọ́n wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí owó gàrí ti yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ iye, ẹ kọ oṣù mọ́ ọn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, nítorí fóònù tiyín ti mọ̀ yín. Ẹ tẹ ohun tí olùrà máa tẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe pé ẹ ti àkáǹtì yín pa, tí ẹ fi sí «privé». Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kò lè wọlé. Tó bá ṣí, ẹ wo àwọn fídíò tó ṣáájú, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, kí ẹ tún tiyín tó ń bọ̀ ṣe.

Mi ò ṣèlérí pé gàrí á tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n lè rí fídíò kí wọ́n má rà, àwọn mìíràn sì lè ṣáájú yín. Àmọ́ ìyá Parakou yẹn ti pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àpò méjì ló kọ́kọ́ béèrè. «Gari sohoui Bante» ló ní òun tẹ̀.

Tí ẹgbẹ́ yín bá pàdé, kí ẹni kan mú fóònù wá. Kí kálukú dárúkọ ohun tó ń tà, kí àwọn yòókù sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn máa tẹ̀ tí àwọn bá ń wá a. Èyí tí ẹnu púpọ̀ bá sọ, òun ni kí ẹ kọ. Ó dàbọ̀ o.