Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Òṣìṣẹ́ Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Ẹ̀yin ará mi ní Sango, ní Ọ̀tà, ní Jójù àti Ìjókò, títí dé Ìyànà-Ìyẹsí àti Atan, àsìkò ìdúpẹ́ tún ti dé, ìpàdé ètò sì ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni, láàárín èèyàn méjì tó mọ ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdúpẹ́ tí èèyàn 400 jókòó, tí 40 sì ń sìn wọ́n, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà tí a sọ fún ogójì ọmọlúwàbí, odindi ogójì tó yàtọ̀ síra ni yóò dà nínú wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ìpàdé: "Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́ka oúnjẹ, ẹ rí i pé oúnjẹ kárí o." Gbogbo wa á ṣe àmín, ìpàdé á túká. Ó dáa, ta ló máa ka ẹran? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a kó omi sí máa wà? Tí ìrẹsì bá fẹ́ tán, ta ló máa sọ, ta ló máa sọ ọ́ fún? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé bá jọ ni, ebi ló máa ń pa á, torí kálukú rò pé ẹnìkejì ti fún un lóúnjẹ.

Èrò tèmi rèé: a ò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ kankan fún ẹgbẹ́. Ẹnì kan tó ní orúkọ ni ká gbé e fún, ká sì kọ orúkọ igbákejì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ló dá ìkùnsínú sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fo àwọn opó apá kan. Àwọn àpósítélì kò kàn ní kí gbogbo ìjọ túbọ̀ ṣọ́ra. Wọ́n ní kí wọ́n yan èèyàn méje, orúkọ àwọn méjèèje sì wà nínú Bíbélì títí dòní, láti orí Stéfánù.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ igbákejì? Nítorí ibi tí à ń gbé ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, ní Ọ̀tà níbí tàbí ní Àgbárá, ṣíìfù ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tí ẹ rí nínú ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí torí pé ṣíìfù àárọ̀ ló wà lè wà lórí ṣíìfù alẹ́ lọ́sẹ̀ ìdúpẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè pé: "Ọ̀sẹ̀ ètò gan-an, ṣíìfù wo lo wà?" Ẹni tó bá máa jáde níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, ẹ má fi í sídìí iná tàbí sẹ́nu gèètì. Oorun á máa gbé e lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ìjókòó tó kúrú, tàbí kí ẹ jẹ́ kó kàn wá dúpẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ká kọ ọ́ dé òpin: àbójútó tábìlì oúnjẹ. Ká ní èèyàn 400 là ń retí, tábìlì mẹ́ta la fẹ́ lò. Ìwé tí ẹ máa fún alábòójútó tábìlì kejì rèé:

Iṣẹ́ rẹ: Ìwọ ni alábòójútó tábìlì oúnjẹ 2, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. (Orúkọ rẹ àti orúkọ igbákejì rẹ wà lókè ìwé yìí.)

Àkókò: Dé síbẹ̀ ní aago 9 àárọ̀. Má kúrò níbẹ̀ àyàfi tí igbákejì rẹ bá ti dúró síbẹ̀.

Kí pínpín tó bẹ̀rẹ̀: Gba kúlà ìrẹsì 2 àti ẹran 140. Ka ẹran náà lójú ẹni tó gbé e wá, kí ẹ jọ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà pínpín: Ìwọ kọ́ lo máa bu oúnjẹ, iṣẹ́ tìrẹ ni kíkà. Ṣíbí ńlá méjì àti ẹran kan ló wà fún àwo kan. Úṣà nìkan ló ń gba oúnjẹ, àwo 10 lórí tírè kan. Ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀, sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà síbi ìjókòó yín, ó ń bọ̀ wá bá yín."

Tí nǹkan bá yí padà: Tí kúlà kejì bá ti dé ìdajì, tí tírè sì kù ju márùn-ún lọ, pe olórí oúnjẹ lójú ẹsẹ̀. Má dúró kó tán.

Oúnjẹ tìrẹ: Oúnjẹ òṣìṣẹ́ 40 ti wà lọ́tọ̀ nínú ọ́fíìsì. Tìrẹ wà níbẹ̀.

Ó tán. Ojú ewé kan kò kún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kò sí "ẹ ṣọ́ra" níbẹ̀, kò sí "ẹ rí i dájú." Iye ló wà níbẹ̀. "Tó bá fẹ́ tán" kì í ṣe ìtọ́ni, torí ojú kálukú yàtọ̀. Àmọ́ kúlà tó dé ìdajì, ọmọdé pàápàá rí i. Ìgbà tí ìdajì kúlà bá ṣì kù, a ṣì lè mú láti tábìlì mìíràn. Tó bá tán pátá, ìtìjú ló kù.

Ìkejì, gbólóhùn tí òṣìṣẹ́ máa sọ wà lákọsílẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún kò mọ bó ṣe máa sọ fún màmá àgbà pé kí wọ́n padà. Yálà kó kígbe mọ́ wọn, tàbí kó fún wọn ní àwo mẹ́ta. Tí ìwé bá ti sọ ọ́ fún un, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ìkẹta, oúnjẹ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn pín oúnjẹ rí, ẹ mọ̀ pé abẹ́ tábìlì ni oúnjẹ ti ń tán. Kì í ṣe olè ni wọ́n o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àwọn máa sìn títí, kí ebi sì pa àwọn. Ẹ yọ tiwọn sọ́tọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó wà sínú ìwé wọn. Fífi pamọ́ á dín kù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ tábìlì mẹ́ta? Ẹ má fojú wò ó, aago ni kí ẹ wò. Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu àwo mẹ́wàá bí wọ́n ṣe máa bù ú gan-an. Tó bá gba ìṣẹ́jú 2, tábìlì kan ṣoṣo á lo ìṣẹ́jú 80 kó tó bu 400. Ta ló máa jókòó dúró fún ìṣẹ́jú 80? Tábìlì mẹ́ta á parí rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 27. Jésù Olúwa wa pàápàá, nígbà tó fẹ́ bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ìjókòó ló kọ́kọ́ ṣètò. Lúùkù orí 9 sọ pé ní àádọ́ta-àádọ́ta ni wọ́n jókòó kí búrẹ́dì tó kan ẹnikẹ́ni. Èèyàn 400 jẹ́ àádọ́ta lọ́nà mẹ́jọ. Úṣà kan fún àádọ́ta kan, ó mọ àwọn tirẹ̀, tírè márùn-ún ló sì máa gbà fún wọn.

Ibi kan wà tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti lè gba ẹ̀mí: ẹnu gèètì, pàápàá tí a bá fẹ́ pín ìrẹsì tàbí ẹ̀bùn fún àdúgbò. Ní May 28, 2022, ní Port Harcourt, èèyàn 31 ló kú níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín ẹ̀bùn. Àwọn èrò ti dé kí àkókò ètò tó tó, gèètì wà ní títì, wọ́n sì ya wọlé. Ní December 21, 2024, èèyàn 10 kú ní ọgbà ìjọ Kátólíìkì kan ní Maitama, Abuja, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Àánú ni wọ́n fẹ́ ṣe. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀kọ́ tiwa ni mò ń wá.

Ẹ̀kọ́ kan ni pé aago òṣìṣẹ́ gèètì kì í ṣe aago ètò. Tí ètò bá jẹ́ aago 9, ebi ti lè mú àwọn kan jáde láti aago 5. Òṣìṣẹ́ gèètì gbọ́dọ̀ ti dé kí wọ́n tó dé, kó máa fún wọn ní nọ́ńbà, kó sì máa fi wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe ń dé.

Ẹ̀kọ́ kejì ni àmì ewu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: "Tí àwọn tó wà níwájú kò bá lè yí ara padà mọ́, dá pínpín dúró." Kí ẹ sì kọ ọ́ pé kò nílò láti bi pásítọ̀ kó tó dá a dúró, torí pásítọ̀ lè wà lórí pẹpẹ. Kò sì gbọdọ̀ máa kígbe "ẹ sún sẹ́yìn" mọ́ àwọn ará iwájú, wọn ò ní ibi tí wọ́n máa sún sí. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń tì wọ́n láìmọ̀. Ẹ̀yìn ni kí òṣìṣẹ́ kejì máa wà pẹ̀lú ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sọ, kó dá ìlà dúró láti ibẹ̀. Ọ̀nà àbájáde kan gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé iṣẹ́. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń darí." Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù, ṣé ẹ máa ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹni tó máa gbà á tó dé? Rárá. Ẹ máa sọ fún un ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà àti ibi tí iṣẹ́ dé. Àwọn opó àti ọmọdé tó ń jẹun nílé Ọlọ́run tọ́ sí àbójútó tó ju ti ẹ̀rọ lọ.

Kí ẹ tó pín ìwé náà, ẹ dán an wò. Ẹ fún ẹnì kan tí kò wá sípàdé rárá, kó kà á sókè, kó wá sọ ohun tó máa ṣe. Ibi tó bá ti bi yín ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tún un kọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, tàbí ará wa Ègùn tí Yorùbá kíkà nira fún, ẹ ka tirẹ̀ sínú fóònù kẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí òun náà sì fi ohùn dá a padà fún yín.

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ mú ìwé ètò yín jáde lálẹ́ yìí. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí "àwọn ọ̀dọ́" tàbí "àwọn màmá" níwájú iṣẹ́ kan, ẹ fa ìlà sí i, kẹ́ ẹ kọ orúkọ méjì síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olórí úṣà rí, níhìn-ín tàbí ní mọ́sálásí àdúgbò yín, ẹ bá wa kọ ohun tó kù sísàlẹ̀. Ọpẹ́ wa á gòkè o.